Kílẹ́fù básì: má ṣe fi lẹ́tà méjì kún nǹkankan, wá ibi tí wàá dúró sí

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń tẹ píánò, ọwọ́ ọ̀tún mi ń ka tírẹ́bù dáadáa, àmọ́ kọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ sókè orin ni mo fi ń ṣe ti ọwọ́ òsì látọjọ́ yìí. Tíṣà mi tuntun wá gbé orin tó ní tírẹ́bù lókè àti básì nísàlẹ̀ fún mi, mi ò mọ nǹkankan nínú ti ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ní kí n kàn máa kà á bíi tírẹ́bù kí n wá fi lẹ́tà méjì kún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Mo fẹ́ tètè mọ̀ ọ́n ni o.*

Àbúrò, kú iṣẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ò parọ́, ìṣirò yẹn pé, àmọ́ má fi kọ́ ara ẹ ní kíka orin o, torí ó máa dá ẹ dúró ju bó ṣe máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ lọ. Wò ó. Nóòtù kan wà nínú àlàfo kejì láti ìsàlẹ̀. Ní tírẹ́bù, A nìyẹn. O wá fi lẹ́tà méjì kún un, B, C, ó di C. Ó pé. Àmọ́ C wo? Píánò oní kíì 88 ní C mẹ́jọ lórí. O ṣì máa wá rántí pé kì í ṣe C tó wà lápá ọ̀tún C àárín lò ń wá, èyí tó wà lápá òsì ẹ̀ ni. Iṣẹ́ mẹ́ta lo ti ṣe yẹn lórí nóòtù kan ṣoṣo, o kà á bí nǹkan tí kì í ṣe, o ṣírò, o wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orin ò sì ní dúró dè ẹ́.

Èmi náà lo ọgbọ́n yẹn rí, mo lò ó fún oṣù mélòó kan, orin tó ń lọ jẹ́jẹ́ bá mi ṣe é, gbàrà tí orin bá ti yára díẹ̀ báyìí ọwọ́ òsì mi á máa tẹ̀lé ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn bí ọmọ tó ń sunkún tẹ̀lé ìyá ẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé tó bá ti rẹ̀ mí, mo máa ń gbàgbé láti fi lẹ́tà méjì yẹn kún un, màá wá máa tẹ tírẹ́bù lọ lójú básì láìmọ̀. Torí náà tọ́jú ẹ fún ìgbà tó o bá fẹ́ yẹ nóòtù kan wò bóyá o gbà á. Kò ju ìyẹn lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò rí ni pé nǹkan tó o ní láti kọ́ níbẹ̀ kéré gan-an. O ti ń ka tírẹ́bù fún ọdún méjì, ojú ẹ ti mọ̀ pé tí nóòtù bá kúrò lórí ìlà bọ́ sínú àlàfo tó kàn án, kíì funfun tó tẹ̀lé e ni, o ò ronú sí i mọ́. Tó bá ti orí ìlà bọ́ sórí ìlà tó kàn, ó fo kíì funfun kan. Tó bá fo odidi ìlà kan kọjá, ó fo kíì mẹ́ta, ìyẹn bíi àtàńpàkò sí ọmọńdinrín tí ọwọ́ bá wà jẹ́jẹ́. Gbogbo èyí ò yí padà rárá nínú básì. Ìlà márùn-ún náà ni, bí nóòtù ṣe jìnnà síra wọn náà ni, ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nítorí náà ibi tí wàá dúró sí lo nílò, ojú ẹ á wọn ìyókù fúnra ẹ̀.

Ibi ìdúró àkọ́kọ́ wà lára àmì kílẹ́fù yẹn gan-an. Ṣó o rí dọ́ọ̀tì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀? Wọ́n há ìlà kan sáàárín, ìlà kejì láti òkè. F nìyẹn. Lẹ́tà F ni àmì yẹn gan-an tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àwọn akọ̀wé orin ló sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí, dọ́ọ̀tì méjì yẹn ló ṣẹ́ kù nínú apá F náà. Ti tírẹ́bù náà, G ni, ìdí nìyẹn tí ikùn ẹ̀ fi yí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ká. Ìkejì ni C àárín, èyí tó o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń gbé lórí ìlà kékeré kan lábẹ́ tírẹ́bù. Nínú básì, òkè ló wà, lórí ìlà kékeré kan lókè ìlà márùn-ún. C kan náà ni o, kíì kan náà, wọ́n kàn kọ ọ́ sí ibi méjì torí ọwọ́ méjì lè dé ibẹ̀ ni.

Kó o tó ka síwájú, lọ jókòó sídìí píánò ná. Gbé àtàńpàkò méjèèjì lé C àárín, ọ̀kan lórí èkejì, kí ìka tó kù tò tẹ̀léra lórí kíì funfun, ti ọ̀tún lọ sọ́tùn-ún, ti òsì lọ sósì. Wo ibi tí ọmọńdinrín ọ̀tún bọ́ sí: G, ìlà tí kílẹ́fù tírẹ́bù yí ká gan-an. Wo ti òsì: F, ìlà tí dọ́ọ̀tì méjì há. Kì í ṣe àrà kankan, bí wọ́n ṣe to ìlà wọ̀nyẹn náà nìyẹn, ohun tó wà lókè C àárín ní òjìji nísàlẹ̀ ẹ̀. Tó o bá ti ṣe èyí bí ìgbà mẹ́wàá, o ò ní gbàgbé F yẹn mọ́, torí ọwọ́ ẹ ló rántí, kì í ṣe orí ẹ.

Ìdúró kẹta ni C inú àlàfo kejì láti ìsàlẹ̀, ọ́kítéèfù kan sísàlẹ̀ C àárín. Èyí ni ọwọ́ òsì máa ń bá pàdé jù nínú orin àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, torí náà má fojú kéré ẹ̀. Òjìji ẹ̀ ní tírẹ́bù ni C inú àlàfo kẹta, tó o ti mọ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà kó o wá fi G tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá kún un, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Mẹ́rin náà ti tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fún èèyàn ní gbólóhùn àlọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ̀ jẹ́ G, B, D, F, A fún ìlà, òmíràn tún wà fún àlàfo. Mi ò kórìíra ẹ̀, àmọ́ tó o bá fẹ́ mọ ìlà kẹrin, o máa ní láti ka gbólóhùn náà látìbẹ̀rẹ̀ dé ọ̀rọ̀ kẹrin, ìgbà tó o bá fi máa débẹ̀ báà ti kọjá. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe so pọ̀ ṣá, ka àwọn ìlà látìsàlẹ̀ básì dé òkè tírẹ́bù láìdúró, kó o sì ka ìlà kékeré ti C àárín mọ́ ọn: G B D F A, C, E G B D F. Ìlà mọ́kànlá, fífo kíì kan kan látìsàlẹ̀ dókè, kò sí ibi tó já. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo mọ̀ pé kílẹ́fù méjèèjì kì í ṣe èdè méjì.

Ó yá, bó o ṣe máa ṣe é. Mú ojú ìwé kan nínú orin tí tíṣà gbé fún ẹ, má fọwọ́ kan píánò, mú pẹ́ńsù, kó o fi àmì roboto yí gbogbo F orí ìlà dọ́ọ̀tì ká, àti gbogbo C àárín, àti gbogbo C àlàfo kejì. Má kọ lẹ́tà kankan o! Mo tún un sọ, má kọ lẹ́tà. Tó o bá ti kọ ọ́, lẹ́tà ni ojú ẹ á máa kà, ojú ò ní wo ibi tí nóòtù wà rárá, o lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan kó o má mọ nǹkankan. Lẹ́yìn náà jókòó sídìí píánò, kó o máa fọwọ́ kan kíì tí àwọn tó o yí ká yẹn jẹ́, ọwọ́ òsì nìkan, láìwo ìlù, láìkọjú sí àwọn nóòtù tó kù. Kíì gan-an ni kó o fọwọ́ kàn, má kàn pe orúkọ ẹ̀ lẹ́nu. Ibí yìí ni áàpù inú fóònù tó ń bi èèyàn léèrè "nóòtù wo rèé" ti máa ń tan èèyàn jẹ: wàá gba gbogbo ẹ̀ nítorí lẹ́tà lo ń tẹ̀, o máa wá dé ìdí píánò, o mọ̀ pé C ni, o wá lọ tẹ C tó jìnnà sí i ní ọ́kítéèfù kan. Ohun tí ojú rí gbọ́dọ̀ lọ sí ọwọ́ tààrà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó, àmọ́ kó má fo ọjọ́. Ọjọ́ méjì mẹ́ta fún àwọn ìdúró yẹn nìkan, lẹ́yìn náà kó o bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan gidi.

Jẹ́ ká mú báà mẹ́rin, ọwọ́ òsì nìkan, nóòtù mẹ́rin nínú báà kọ̀ọ̀kan, irú kọ́ọ̀dù tí wọ́n tú sílẹ̀ tó wọ́pọ̀ gan-an nínú orin píánò. Báà kìíní: C G E G. Báà kejì: B G D G. Báà kẹta: A F C F. Báà kẹrin: G E C E. Nínú ìwé orin ẹ, o ò ní rí lẹ́tà wọ̀nyí o, èmi ni mo kọ ọ́ kó o lè bá mi lọ. Jẹ́ ká wò ó bí ojú ṣe máa rí i.

Nóòtù àkọ́kọ́ wà nínú àlàfo kejì: ìdúró ni, C, ọmọńdinrín lọ síbẹ̀. Nóòtù tó tẹ̀lé e wà nínú àlàfo òkè pátápátá, èyí tó wà láàárín wọn wà nínú àlàfo kẹta. Àlàfo mẹ́ta tó tẹ̀léra, bí ìgbà tí wọ́n to abọ́ lérí ara wọn. Ojú ẹ ti mọ àwòrán yẹn ní tírẹ́bù, kọ́ọ̀dù tó ń fo kíì kan kan ni: ọmọńdinrín, ìka àárín, àtàńpàkò. O ò nílò láti mọ̀ pé E àti G ni wọ́n ń jẹ́ kó o tó tẹ̀ wọ́n. Gba ìdúró, wo àwòrán, tẹ̀ ẹ́.

Báà kejì, wo ohun tó yí padà nìkan. Nóòtù òkè ṣì wà nínú àlàfo ẹ̀, àtàńpàkò ò lọ síbì kankan. Nóòtù ìsàlẹ̀ kúrò nínú àlàfo kejì bọ́ sórí ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀, kíì kan péré sísàlẹ̀, ọmọńdinrín sún sósì díẹ̀. Ti àárín náà sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tán. Báà kẹta, ti òkè sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà dọ́ọ̀tì, ó ti bọ́ sí ìdúró F. Ti àárín bọ́ sínú àlàfo kejì, ìdúró C. Ti ìsàlẹ̀ tún sọ̀ kíì kan. Ìdúró méjì nínú kọ́ọ̀dù kan, tó bá jẹ́ pé o ti ṣìnà ní báà kejì, ibí yìí lo ti máa mọ̀. Báà kẹrin, ti ìsàlẹ̀ dé orí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, G, ìdúró tún nìyẹn. Ti àárín ò kúrò ní C. Ti òkè sọ̀ kíì kan, bọ́ sínú àlàfo kẹta. Àtàńpàkò ṣì ni ti òkè, ìka ìtọ́ka wá bọ́ sórí C. Nóòtù mẹ́rìndínlógún lo kà yẹn, ìdúró mẹ́ta péré lo ní láti mọ̀ nínú wọn: C, F, G.

Báyìí, nǹkan kan wà tí mi ò rí kí wọ́n máa sọ fún èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ fún ẹ tí ojú ẹ bá ti padà sí tírẹ́bù láìmọ̀. Ka báà mẹ́rin yẹn bíi tírẹ́bù, kó o gbọ́ ohun tó máa dún. Àlàfo mẹ́ta ti báà kìíní á di A C E. Báà kejì á di G B E, ìkẹta á di F A D, ìkẹrin á di E A C. Kọ́ọ̀dù C méjọ̀ di A máínọ̀, G méjọ̀ di E máínọ̀, F méjọ̀ di D máínọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló di máínọ̀! Orin tó yẹ kó máa yọ̀ á wá máa dún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kò sì ní dún bí àṣìṣe rárá, ìyẹn gan-an ló fi máa ń pẹ́ kí èèyàn tó mọ̀, torí kọ́ọ̀dù tó dáa ni wọ́n, wọn ò kàn bá ọwọ́ ọ̀tún mu ni. Tó o bá ti gbọ́ ìbànújẹ́ lójijì níbi tí kò yẹ, má wá ìka tó ṣe é, lọ wo kílẹ́fù.

Àṣìṣe kejì tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé etí máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú. Ìwọ tó o ti mọ kọ́ọ̀dù dáadáa, tìẹ máa le jù bẹ́ẹ̀ lọ: o máa rí báà kan, o máa gbọ́ ibi tí orin ń lọ, ọwọ́ ẹ á ti tẹ kọ́ọ̀dù tó rò pé ó kàn, ojú ẹ á kàn máa tẹ̀lé e lójú ìwé bí ẹni tó ń ka nǹkan. Bó o ṣe máa mọ̀: bẹ̀rẹ̀ látinú báà keje, tàbí kó o ka ìlà òsì náà látìparí padà sẹ́yìn, nóòtù kan sí òmíràn. Tó bá dojú rú pátápátá, o ò tíì ń kà á, o ti há a sórí ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí èèyàn má lo orin kan náà ju ọjọ́ méjì lọ fún irú ìdánrawò yìí. Wá nǹkan tuntun, tó rọrùn ju bí ọwọ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀ lọ, kódà tó rọrùn débi tí á fi máa tì ẹ́ lójú, kà á lọ́wọ́ òsì nìkan, jẹ́jẹ́, má dúró, kó o kọjá sí òmíràn. Orin tí tíṣà gbé fún ẹ yẹn, fi iṣẹ́ ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀.

Ìgbà tó o bá máa da ọwọ́ méjèèjì pọ̀, máa kà á látìsàlẹ̀ lọ sókè. Ojú ẹni tó mọ tírẹ́bù nìkan máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sókè, á wá já wá sísàlẹ̀ tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ọwọ́ òsì pẹ́. Wo básì, wo tírẹ́bù, tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa kọ́kọ́ ṣe ẹ́ bíi kó o máa fi òsì jẹun, àmọ́ má padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ṣáàpù àti fúláàtì tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, àwòrán kan náà ni wọ́n máa ń jẹ́ nínú kílẹ́fù méjèèjì, àmọ́ ti básì wà nísàlẹ̀ díẹ̀. F ṣáàpù wà lórí ìlà òkè pátápátá ní tírẹ́bù, ní básì orí ìlà dọ́ọ̀tì ló wà. B fúláàtì wà lórí ìlà àárín ní tírẹ́bù, ní básì orí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ni. Mo ń sọ èyí torí tó o bá ń ka básì bíi tírẹ́bù, á máa ṣe ẹ́ bíi pé wọ́n fi ṣáàpù sórí D, wàá wá máa tẹ kíì dúdú tí ẹnikẹ́ni ò sọ.

Ibi tí ọ̀nà ìdúró yìí ò ti tó ni àwọn ìlà kékeré tó jìn sókè tàbí sísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, fi ọ̀kan ṣe ìdúró karùn-ún: C tó wà lórí ìlà kékeré kejì nísàlẹ̀, ọ́kítéèfù kan lábẹ́ C àlàfo kejì. Òjìji ẹ̀ ni C orí ìlà kékeré kejì lókè tírẹ́bù. Ti òkè, nígbà tí ọwọ́ òsì bá gun kọjá C àárín, o máa rí D àti E lókè ìlà kékeré, kàn máa kà wọ́n láti C àárín sókè, nóòtù kan, nóòtù méjì.

Tó bá wá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ̀wé orin lè yí kílẹ́fù ìsàlẹ̀ padà sí tírẹ́bù láàárín ìlà, kó tún dá a padà sí básì lẹ́yìn báà méjì mẹ́ta. Àmì ẹ̀ máa ń kéré ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ó sì máa ń fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pín báà. Kó o tó tẹ orin tuntun kankan, fi ojú rìn ín já látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wá àwọn àmì kékeré wọ̀nyẹn, kó o fi pẹ́ńsù yí wọn ká. Lẹ́tà ni mo ní kó o má kọ, àmì roboto ò burú.